Owó lé, páálí dín: mẹ́mò tí mo kọ síwájú ripọ́ọ̀tù kọ́tà àkọ́kọ́ 2024

Ọjọ́rú, 3 Éépìrì 2024 ni mo parí ripọ́ọ̀tù ọjà tí bíráǹṣì wa tà láti Jánúárì sí Máàṣì. Ìbàdàn la wà, ọjà pùròfísàn la ń tà ní hósẹ́ẹ̀lì, sìpàgẹ́tì, súgà, mílíìkì alágolo, tòmátò alágolo, òróró, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, Òjé àti Ọjà-Ọba ló ń wá kó o lọ́wọ́ wa. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni ripọ́ọ̀tù yẹn, tábìlì pọ̀ nínú ẹ̀, mo sì mọ̀ pé mánéjà wa ò ní kà á tán, kì í ṣe pé kò fẹ́ o, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀ ni ò ní jẹ́. Ohun tó máa kà ni mẹ́mò ojú ìwé kan tí mo máa fi síwájú ẹ̀, òun náà ló sì máa fi ránṣẹ́ sí hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì l'Ékòó kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Tí mẹ́mò yẹn bá ṣì wọ́n lọ́nà, kò sí ẹni tó máa ṣí ojú ìwé kọkànlá wò láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ hàn ní ojú ìwé kìíní nìyí: kọ́tà àkọ́kọ́ 2023, a ta ₦84 mílíọ̀nù. Kọ́tà àkọ́kọ́ 2024, a ta ₦126 mílíọ̀nù. Ó fi 50 pásẹ́ńtì lé. Mánéjà ti rí i lórí kọ̀ńpútà kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, inú ẹ̀ dùn, ó pè mí wọlé, ó ní, "Àbúrò, fífítì pásẹ́ńtì! Òun ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ o, kọ ọ́ gàdàgbà sókè."

Mo ní, "Mo gbọ́ mà, ẹ jẹ́ n yẹ páálí wò ná."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé mo mọ ohun tí Èkó ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe. Bí wọ́n bá ti rí i pé bíráǹṣì kan fi 50 pásẹ́ńtì lé, ọjà tí wọ́n máa kó wá ní kọ́tà tó ń bọ̀ máa pọ̀ sí i, tágẹ́ẹ̀tì náà máa ga sí i, bíráǹṣì ló sì máa ru ọjà tó bá kù nílẹ̀. Mílíìkì ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀. Mo ti rí i rí, páálí mílíìkì tí wọ́n tò dé àjà, tá a tún wá ń ta á ní owó tó kéré sí iye tá a rà á nítorí oṣù méjì péré ló kù lórí ẹ̀.

Páálí ni mo wá kà. 2023, páálí 12,000 ló jáde láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. 2024, 11,250. Ó dín ní 750, bíi 6 pásẹ́ńtì. Ẹ pín owó sí páálí kí ẹ rí i: 2023, ₦84 mílíọ̀nù nínú páálí 12,000, ₦7,000 ni páálí kan, 2024 ó ti di ₦11,200. Iye owó páálí kan ti fi 60 pásẹ́ńtì wọ́n sí i, ohun tó sì gbé ₦126 mílíọ̀nù jáde nìyẹn, kì í ṣe pé a rí kọ́sítọ́mà tuntun, kì í ṣe pé àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń rà ju bí wọ́n ṣe ń rà lọ. Ẹni tó bá ń ra páálí mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ń ra bíi mẹ́sàn-án, ó sì ń san owó tó ju ti mẹ́wàá lọ. Dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá ₦1,500 ní Fẹ́búárì 2024, ọjà tiwa yìí sì rèé, àlìkámà, súgà, mílíìkì, láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá.

Ẹnì kan lè sọ pé páálí mílíìkì kì í ṣe ẹgbẹ́ páálí sìpàgẹ́tì, pé tó bá jẹ́ mílíìkì la tà jù lọ́dún yìí, ₦11,200 yẹn máa ga láìjẹ́ pé ọjà wọ́n. Òótọ́ ni, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú sìpàgẹ́tì nìkan, oríṣi kan náà, ìwọ̀n kan náà: Jánúárì 2023, páálí 1,400, Jánúárì 2024, páálí 1,020. Ó fi bíi 27 pásẹ́ńtì dín, Jánúárì gbogbo ọjà wa lápapọ̀ náà sì fi 27 dín. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe àdàlù ọjà ló ń tàn mí.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Jánúárì fi 27 dín tí kọ́tà lápapọ̀ wá fi 6 péré dín? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo pín in sí oṣooṣù. Jánúárì bọ́ láti 4,800 sí 3,500. Fẹ́búárì gòkè láti 2,900 sí 3,350. Máàṣì gòkè díẹ̀, láti 4,300 sí 4,400. Ẹni tó bá wo èyí lójú lásán máa ní a bẹ̀rẹ̀ ọdún ní àìlera, a wá ń gbádùn bọ̀. Ohun tó sì wà lẹ́nu mánéjà gan-an nìyẹn nígbà tí mo fi hàn án, ó ní "Ṣé o rí i, a ti ń dìde."

Mo ní kó rántí Fẹ́búárì 2023 mà. Ta ló lè gbàgbé? Báńkì àpapọ̀ ní kí gbogbo èèyàn dá ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ padà, wọ́n kọ́kọ́ fi 31 Jánúárì ṣe gbèdéke, wọ́n sún un sí 10 Fẹ́búárì, owó tuntun ò sì sí nílẹ̀. Kọ́sítọ́mà wa tó ń gba káàṣì lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ẹyọ kan ẹyọ méjì ò rí káàṣì gbà, tíráńsífà ò wọlé, pí-ó-ẹ̀s ń gba owó lórí owó, ìdìbò tún bọ́ sí 25 Fẹ́búárì lórí ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ò dá owó àtijọ́ láre títí di 3 Máàṣì, ó sì tún pẹ́ kí owó tó padà máa lọ yíká. Páálí 2,900 tá a tà ní Fẹ́búárì yẹn kì í ṣe iye tí ọjà wa máa ń tà, iye tí àìsí owó jẹ́ ká tà ni. Ẹni tó bá fi ara ẹ̀ wé ọjọ́ tí ẹnì kejì wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó di dandan kó dà bí alágbára.

Máàṣì náà ní tiẹ̀. Ààwẹ̀ 2023 bẹ̀rẹ̀ ní 23 Máàṣì, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló bọ́ sínú kọ́tà àkọ́kọ́. Ti 2024 bẹ̀rẹ̀ ní 11 Máàṣì, ọjọ́ 21 ló bọ́ sí i. Àjíǹde tún wá bọ́ sí 31 Máàṣì gan-an lọ́dún 2024, nígbà tó jẹ́ pé 9 Éépìrì ló wà ní 2023. Súgà, mílíìkì, tòmátò, kò sí ẹni tó ń tà á ní Ìbàdàn tí ò mọ bó ṣe ń yá lásìkò ààwẹ̀. Mo ka ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ Máàṣì 2024 lọ́tọ̀, páálí 1,000 ló jáde. Láti 11 dé ìparí oṣù, 3,400. Títà yẹn kì í ṣe èké, a tà á, àmọ́ ara Éépìrì la ti yá a.

Ohun tó gba àkókò mi jù lọ ṣì ń bọ̀. Bí mo ṣe ń wo 3,400 yẹn mo rí ínfọ́ìsì kan tó tóbi jù, 28 Máàṣì, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsinmi Àjíǹde, kọ́sítọ́mà kan, páálí 600, àwìn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ lọ bá Bàbá Sítọ́ọ̀. Bàbá yìí ní ìwé kan tó fi ń kọ gbogbo ohun tó bá gba géètì jáde, ìwé aláwọ̀ ewé tí etí ẹ̀ ti ká, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ dírẹ́bà, iye páálí, dírẹ́bà á sì fọwọ́ sí i. Ó ṣí i, ó fi ìka wá a, 28 Máàṣì, páálí 350. Mo ní "Bàbá, 600 ni wọ́n kọ sínú ínfọ́ìsì o." Ó ní, "Mọ́tò ò gbà á. Àwọn 250 tó kù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá kó o," ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, 2 Éépìrì ló wà lójú ibẹ̀, páálí 250, dírẹ́bà kan náà.

Ìyẹn ni pé kọ̀ńpútà ń ka ọjà sí títà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ínfọ́ìsì, ìlànà ilé iṣẹ́ wa sì sọ pé ọjọ́ tí ọjà bá jáde ní géètì ni títà. Páálí 250 yẹn sùn sínú sítọ́ọ̀ wa mọ́jú 1 Éépìrì, ara kọ́tà kejì ni. Lẹ́yìn ìyẹn mo yẹ gbogbo ínfọ́ìsì Máàṣì wò bóyá irú ẹ̀ tún wà. Ọjọ́ ínfọ́ìsì wà ní kọ́lọ́ọ̀mù B, iye páálí ní F, mo wá fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ tó jáde ní géètì láti inú ìwé Bàbá sí G, ínfọ́ìsì tó jáde lẹ́ẹ̀mejì yẹn ni mo pín sí ìlà méjì, 350 àti 250, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní ọjọ́ tiẹ̀, mo sì kọ èyí:

```
=SUMIFS(F:F,B:B,"<="&DATE(2024,3,31),G:G,">"&DATE(2024,3,31))
```

250 náà ló mú jáde, kò sí òmíràn. Ẹni tó bá máa lò ó kó ṣọ́ nǹkan kan o: ọjà tí wọ́n ti kọ ínfọ́ìsì ẹ̀ tí kò tíì jáde rárá, G ẹ̀ máa ṣófo, fọ́múlà yẹn ò sì ní kà á. Mo fi fítà wo àwọn ojú òfo ní G lọ́tọ̀ kí n tó gbà pé ó tán.

Mo tún bi Bàbá bóyá ọjà kankan padà wá. Ó mú mi lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sítọ́ọ̀, páálí tòmátò 90, agolo inú wọn ti tẹ̀, àwọn míì ti wú, kọ́sítọ́mà méjì ló dá wọn padà lọ́sẹ̀ kẹta Máàṣì, a ti gbà fún wọn, ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì nóòtì ẹ̀ ò tíì wọ kọ̀ńpútà. Nínú ripọ́ọ̀tù, ọjà tó wà níwájú mi yẹn ṣì jẹ́ ọjà tá a ti tà.

Ẹ yọ 250 àti 90 kúrò nínú 4,400, Máàṣì di 4,060. Máàṣì 2023 jẹ́ 4,300. Oṣù tá a ní ó gòkè ti wá lọ sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ààwẹ̀ àti Àjíǹde tó wà nínú ẹ̀. Kọ́tà lápapọ̀ di páálí 10,910, ó fi 9 pásẹ́ńtì dín sí ti 2023, owó náà di bíi ₦122 mílíọ̀nù, 45 pásẹ́ńtì dípò 50. Tá a bá sì gbé Fẹ́búárì kúrò nínú ọdún méjèèjì nítorí ọ̀rọ̀ owó tuntun, Jánúárì àti Máàṣì 2023 jẹ́ 9,100, ti 2024 jẹ́ 7,560, ó fi bíi 17 pásẹ́ńtì dín.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Mẹ́mò tí mo kọ́kọ́ kọ jẹ́ ojú ìwé méjì ààbọ̀. Mo fi 50 pásẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ bí mánéjà ṣe ní kí n ṣe, mo wá kó gbogbo "ẹ kíyè sí" sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, mẹ́jọ ni wọ́n, títí kan ọjọ́ kan tí iná ò sí tá a fi ọwọ́ kọ ínfọ́ìsì, tí kò yí ohunkóhun padà. Mo gbé e fún un lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ó ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ó mú bírò. Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i! Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣí ẹ̀yìn." Ó ṣí i, ó wò ó, ó ní "Gbogbo èyí ńkọ́, èwo ló ṣe pàtàkì nínú ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló tún ojú mi ṣe. Tí nǹkan kan bá lè sọ gígòkè di sísọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn gan-an ló yẹ kó dúró sí, inú gbólóhùn kan náà. Èyí tí kò bá lè yí ohun tí mánéjà máa ṣe padà, kó wà nínú ripọ́ọ̀tù, kò ní iṣẹ́ nínú mẹ́mò.

Mo padà lọ kọ ọ́. Òyìnbó ni mo fi kọ èyí tó lọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ ní Yorùbá nìyí:

> Sí: Mánéjà Bíráǹṣì. Ọ̀rọ̀: títà Jánúárì sí Máàṣì 2024.
>
> Owó títà jẹ́ bíi ₦122 mílíọ̀nù, ó fi 45 pásẹ́ńtì ju ti àsìkò kan náà ní 2023, ṣùgbọ́n páálí tó jáde fi 9 pásẹ́ńtì dín, láti 12,000 sí 10,910. Wíwọ́n ọjà ló gbé owó sókè.
>
> Kọ̀ńpútà máa fi ₦126 mílíọ̀nù hàn yín. Mo ti yọ páálí 250 tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì ẹ̀ ní 28 Máàṣì tó jáde ní 2 Éépìrì, àti tòmátò 90 tí wọ́n dá padà tí a ò tíì kọ kírẹ́díìtì nóòtì ẹ̀. Owó wọn ni mo fi ₦11,200 ṣírò, iye páálí kan ní ìpíndọ́gba, ó lè yí díẹ̀ tá a bá fi owó inú ínfọ́ìsì gan-an ṣírò.
>
> Ó ṣeé ṣe kí títà gan-an ti dín ju 9 lọ. Fẹ́búárì 2023 kéré nítorí àìsí káàṣì. Tá a bá yọ Fẹ́búárì kúrò lọ́dún méjèèjì, ó fi 17 dín. Mi ò lè sọ pé 17 gan-an ni, torí ní ìparí Jánúárì 2023 àwọn kọ́sítọ́mà ń fi owó àtijọ́ kó ọjà kí gbèdéke tó pé, Jánúárì yẹn náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi í sí àárín 9 àti 17.
>
> Ààwẹ̀ àti Àjíǹde bọ́ sí Máàṣì lọ́dún yìí. Kọ́tà kejì ò ní ní ìrànlọ́wọ́ yẹn tó bí ti 2023 ṣe ní in, ọjọ́ ààwẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló kù fún Éépìrì. Mo dábàá pé kí ọjà tí a máa béèrè fún kọ́tà kejì tẹ̀ lé iye páálí Jánúárì àti Fẹ́búárì 2024, kì í ṣe ti Máàṣì, pàápàá mílíìkì.

Ojú ìwé kan kò kún. Mánéjà kà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú ẹ̀. Inú ẹ̀ ò dùn, mi ò sì bá a wí, torí òun ló máa gbé e lọ síwájú àwọn tó wà lókè. Ó ní, "Ṣé ohun tó o ń sọ ni pé a ò ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Rárá mà. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ní Fẹ́búárì yìí fi bíi 38 pásẹ́ńtì wọ́n ju ti Fẹ́búárì tó kọjá. Ọjà tiwa fi 60 wọ́n. Kí páálí wa wá fi 9 dín, tàbí 17 pàápàá, kọ́sítọ́mà wa ò tíì sá lọ. Ṣùgbọ́n tá a bá kọ 50 ránṣẹ́, ọjà fífítì ni wọ́n máa kó wá."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n pe Bàbá Sítọ́ọ̀ wá pẹ̀lú ìwé géètì. Bàbá gbé e wá, ó ṣí ojú ewé méjèèjì fún un, mánéjà fi ìka tẹ̀ lé 350, ó fi ìka tẹ̀ lé 250, ó wo ọjọ́. Ó ní kí n fi ẹ̀dà ojú ewé méjèèjì há ẹ̀yìn mẹ́mò. Mi ò ronú kan ìyẹn tẹ́lẹ̀, ó sì dáa gan-an, torí nọ́ńbà tó bá yàtọ̀ sí ti kọ̀ńpútà, ẹni tó wà l'Ékòó máa kọ́kọ́ rò pé bíráǹṣì ló ṣi í kà. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà nínú ọ̀rọ̀ mi: ó fi kún un pé páálí 250 yẹn ti jáde, ó máa hàn ní kọ́tà kejì, kí wọ́n má bàa rò pé ọjà sọnù. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 8 Éépìrì, kí ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Èkó pè. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í, wọ́n ní kí ló dé tí ₦126 mílíọ̀nù wà lójú kọ̀ńpútà tí ₦122 wà nínú mẹ́mò. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ. Òun fúnra ẹ̀ ló dá wọn lóhùn, kò pè mí, ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀dà ìwé géètì tó wà lẹ́yìn, ó ka nọ́ńbà mọ́tò fún wọn. Mílíìkì tí wọ́n kó wá fún kọ́tà kejì tẹ̀ lé iye tá a béèrè.

Ní 28 Júùnù, ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú kọ́tà kejì torí ọjọ́ Àìkú ni 30 bọ́ sí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá ti fi rúlà àti bírò pupa fa ìlà gba abẹ́ mọ́tò tó jáde kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, mánéjà ti fọwọ́ sí abẹ́ ìlà náà, ó sì kọ aago tó fọwọ́ sí i sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, 5:40.